Físà ti jáde, ọ̀gá ò tíì mọ̀: báwo ni ẹnjiníà ṣe ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹnjiníà ilé ni mí, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti wà ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó tá a ti ń ṣírò ilé tá a sì ń yàwòrán rẹ̀. Físà Ọsirélíà wa, ti 190, jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìpínlẹ̀ Fikitóríà ló yàn mí, wọ́n sì ní ká ti wọlé kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá. Ọ̀gá mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ jápa sétí rárá. Bọ́ọ̀ǹdù ọdún méjì tún wà lọ́rùn mi nítorí tréníìnì tí wọ́n rán mi lọ. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òkè òkun ni mò ń lọ? Ṣé wọ́n lè ní àwọn ò gbà? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú oríire. Kó o tó kọ ohunkóhun, fi ojú ara rẹ wo físà yẹn. Ọsirélíà kì í lẹ físà mọ́ inú páásípọ́ọ̀tù, orí ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, Visa Grant Notice ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, ìwé bẹ́ẹ̀ ò sì ṣòro fún oníjìbìtì láti ṣe. Tó bá jẹ́ éjẹ́ǹtì ló bá ẹ ṣe é, má fi fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ VEVO, ìkànnì ìjọba wọn tí wọ́n fi ń yẹ físà wò, fi nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ àti nọ́ńbà tó wà níwájú Visa Grant Number sí i, kó o rí i fúnra rẹ pé físà wà, àti ọjọ́ tó yẹ kó o fi wọlé. Wo ti ìyàwó àti tọmọ náà, torí olúkúlùkù ló ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń rin kinkin mọ́ ọn ni pé ọ̀rọ̀ "wọ́n ti gbà mí" máa ń ju ẹyọ kan lọ lójú ọ̀nà yìí. Engineers Australia, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà wọn, á ka ìtàn iṣẹ́ mẹ́ta tó o kọ, wọ́n á ní ẹnjiníà ni ọ́ lóòótọ́, inú ẹ á dùn. Ìpínlẹ̀ á yàn ẹ́, inú ẹ á tún dùn. Wọ́n á wá ní kó o kọ fọ́ọ̀mù físà láàárín ọjọ́ 60, ìgbà yẹn làwọn míì ti ń pín bàtà àti aṣọ wọn fáwọn àbúrò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ físà nínú gbogbo ìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ìpè yẹn wọlé. Oṣù mọ́kànlá ló fi jókòó kí físà tó jáde, owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ. Ó tún ní láti fi Form 1022 ránṣẹ́ sí wọn pé ipò òun ti yí padà, torí ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Tìẹ ti kọjá ibẹ̀ tí VEVO bá ti jẹ́rìí sí i.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ wọn ni. Kì í ṣe ọjọ́ tó o gbọ́dọ̀ ti kó ẹrù dé. Físà tí wọ́n fi ń gbé ibẹ̀ títí lọ lo gbà, o sì lè fi wọlé kó o fi jáde fún ọdún márùn-ún láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún ẹ. Mo mọ àwọn tó fi ìsinmi ọdún wọn lọ, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà wá sẹ́nu iṣẹ́ wọn l'Ékòó, wọ́n sì ṣe oṣù bíi mélòó kan sí i kí wọ́n tó kó lọ pátápátá. Ìlérí tó o ṣe fún Fikitóríà pé wàá gbé ọ̀dọ̀ wọn, wàá sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì ṣì wà o, ìwọ náà lo sì máa mú un ṣẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń lé ẹ. Ipò tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ wà ni kó o fi mú ọjọ́, má jẹ́ kí ìpayà mú un fún ẹ.

Ká ní o fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ìparí oṣù kẹjọ. Èmi ì bá fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà, kí n parí iṣẹ́ lọ́jọ́ 18 oṣù keje, kí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá ṣẹ́kù fún owó àti ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kò pọ̀ jù. Lọ́pọ̀ ọ́fíìsì tí mo mọ̀, wọn kì í san owó ìkẹyìn kí gbogbo ẹ̀ka tó fọwọ́ sí ìwé pé o ti dá kọ̀ǹpútà, káàdì ìwọlé, àkẹtẹ̀ sáìtì àti kọ́kọ́rọ́ padà, ẹni tó máa fọwọ́ sí i sì sábà máa ń wà lórí ìrìn àjò.

Ní ti pé bóyá wọ́n lè ní àwọn ò gbà, wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1960, nínú ẹjọ́ Benson àti Onitiri, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ipò sílẹ̀ lágbára láti fi í sílẹ̀, ẹni tó gba lẹ́tà náà kò sì láṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ìgbà tí lẹ́tà bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí wọ́n gbà á fi ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tó o kọ ọ́ lọ. Tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sára èkejì tí wàá mú lọ sílé. Tí akọ̀wé bá ní ọ̀gá ò sí nílé, kó o fi í sílẹ̀ kó o máa lọ, fi ímeèlì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ímeèlì tìrẹ. Wọ́n lè ti ímeèlì ọ́fíìsì pa mọ́ ẹ lójú kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n á máa sọ fún ẹ pé òfin iṣẹ́ ní oṣù kan ni nótíìsì ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún. Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀, abala 11. Àmọ́ abala 91 nínú òfin kan náà yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àbójútó àti iṣẹ́ ìmọ̀ kúrò lára àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́, ẹnjiníà sì wà lára àwọn tí wọ́n yọ. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ẹ́ síṣẹ́ lòfin tìrẹ. Má dúró sórí ìyẹn nìkan o. Wá lẹ́tà ìgbéga tí wọ́n fún ẹ kẹ́yìn, kó o kà á dópin. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dọ́gbọ́n sọ oṣù kan di oṣù mẹ́ta sí, lábẹ́ owó tuntun, níbi tí ìdùnnú ò ti jẹ́ kéèyàn kàwé dáadáa. Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta ni, a jẹ́ pé oṣù kẹrin ló yẹ kó o ti fi lẹ́tà sílẹ̀ nínú ìṣirò tí mo ṣe lókè yẹn. Tí ìgbà yẹn bá ti kọjá, yálà o sún ìrìn àjò síwájú, tàbí o san owó oṣù dípò nótíìsì tí àdéhùn rẹ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà náà rèé. Mo mọ̀ pé èdè òyìnbó lo máa fi kọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Ohun tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe tò tẹ̀ léra ni kó o mú:

Ọjọ́ 18, oṣù kẹfà

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ìfiṣẹ́sílẹ̀

Mo fi lẹ́tà yìí sọ fún yín pé mo fi iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà ilé sílẹ̀. Mo fún yín ní nótíìsì oṣù kan tó wà nínú àdéhùn wa, bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ọjọ́ 18 oṣù keje ni ọjọ́ tí màá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

Mo so àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ẹni tí màá fà wọ́n lé lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ 25 oṣù yìí, kí àwa méjèèjì lè jọ dé àwọn sáìtì náà kí n tó lọ.

Ẹ bá mi ṣírò owó oṣù mi tó kù, owó ìsinmi tí mi ò tíì lò, àti ohun tó bá kù lórí àdéhùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi, ká lè yanjú gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Mo dúpẹ́ fún ọdún mẹ́fà tí mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni tiyín,

Kíyè sí ìlà àkọ́kọ́. "Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀" ló wà níbẹ̀. Nínú gbogbo irú lẹ́tà yìí tí wọ́n ti gbé sórí tábìlì mi, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ "mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ àyè láti fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á." Ọmọlúàbí ló ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọrọ nǹkan ń dúró de èsì. Ọ̀gá tí kò bá fẹ́ kó o lọ á jókòó lé e, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti lọ, á wá ní òní ni nótíìsì rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fi ọ̀wọ̀ rẹ sínú ìlà ìkẹyìn, kó o jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ dúró gbọn-in. Èkejì, ọjọ́ tó o máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, má kàn kọ "oṣù kan" kó o dákẹ́. Ẹ̀kẹta, má kọ ọ́ láé pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ńṣe lo fọwọ́ ara rẹ jẹ wọ́n ní gbèsè owó nótíìsì.

O rí i pé kò sí Ọsirélíà níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé kó má sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní o purọ́, torí o ò sọ ìdí kankan. Lẹ́tà yẹn á dé ọwọ́ akọ̀wé, ọwọ́ oníṣirò owó, ọwọ́ ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, á sì wà nínú fáìlì rẹ títí. Lọ́dún mẹ́ta sí i, tí ẹnì kan bá pè láti Mẹ́úbọ̀n, olú ìlú Fikitóríà, pé òun fẹ́ mọ̀ nípa rẹ, fáìlì yẹn ni wọ́n máa ṣí. Ohun tó dáa ni kí wọ́n rí níbẹ̀ pé o fún wọn ní nótíìsì tó pé, o sì fa iṣẹ́ lélẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ni kó o fi sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Wàá kanlẹ̀kùn, wàá ní: "Ẹ kú àárọ̀, sà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Físà wa ti jáde, èmi àti ìyàwó mi ń kó lọ sí Ọsirélíà. Lẹ́tà mi rèé. Mo ti kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Tó bá bínú, jẹ́ kó bínú tán. Má sọ pé ìyá rẹ ló ń ṣàìsàn o, má sì ní ìyàwó rẹ ló ríṣẹ́ sí Abuja. Àwọn tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì á rí fọ́tò rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú Tullamarine ní Mẹ́úbọ̀n kó tó pẹ́, ọkùnrin tó o purọ́ fún yẹn lo sì máa padà wá bẹ̀ pé kó jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ. Àbí kẹ̀, ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà ìrírí tó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Engineers Australia? Tó bá jẹ́ òun náà ni, ó ti ń retí ẹ tipẹ́, ariwo lásán ló ń pa.

Bọ́ọ̀ǹdù ńkọ́? Mú ìwé tó o fọwọ́ sí jáde, wo ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọjọ́ tí ọdún méjì náà bẹ̀rẹ̀, àti bóyá gbèsè náà ń dín kù bó o ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i. Ká ní 3,600,000 náírà ni wọ́n kọ, ó sì ń dín kù lóṣooṣù. Ìyẹn jẹ́ 150,000 lórí oṣù kọ̀ọ̀kan nínú oṣù 24. Tó o bá ti lo oṣù 15 lẹ́yìn tréníìnì, oṣù 9 ló kù, 1,350,000 sì ni gbèsè rẹ. Tí owó oṣù tó kù fún ẹ àti owó ìsinmi bá jẹ́ 700,000, ohun tó o máa fọwọ́ ara rẹ san jẹ́ 650,000, o sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o san án lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìwé náà bá ní gbogbo owó náà lo máa dá padà láìka oṣù tó o ti lò sí, lọ bá wọn pẹ̀lú ìṣirò ti oṣù 9 yẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà á, torí àtigbowó lọ́wọ́ ẹni tó ti wà ní Mẹ́úbọ̀n kò rọrùn, àwọn náà mọ̀. Má kọ iye kankan sínú lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ o. Àwọn ló yẹ kí wọ́n ṣírò kí wọ́n mú un wá, kó o wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì yanjú, gba ìwé pé kò sí gbèsè mọ́.

Ó wá ku ibi tí ẹnjiníà ti yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì. Tí ẹni yẹn bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ti tán. Tìrẹ, orúkọ rẹ ṣì wà lára ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi alára nígbà tí mo fi ọ́fíìsì tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Ilé alájà mẹ́rin kan ni, èmi ni mo ṣírò rẹ̀, èdìdì tí mo gbà lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló wà lára àwòrán. Irin Y20 mẹ́rin, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 20, ni mo fi sínú òpó àárín. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní àkọsílẹ̀ kankan nígbà tí mò ń lọ, mo kàn kí wọn pé ó dàbọ̀ ni. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, agbaṣẹ́ṣe pè mí lórí fóònù pé Y20 ò sí lọ́jà, Y16 ló wà, mélòó ni kí òun fi dípò? Mo wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, mo ní kó fi mẹ́fà. Ẹ bá mi ṣírò ọ: Y20 mẹ́rin jẹ́ 1,257 mìlímítà onígun mẹ́rin, Y16 mẹ́fà jẹ́ 1,206. Ó dín. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tó máa wó ilé yẹn, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹnjiníà tuntun dé sáìtì, ó ka irin mẹ́fà níbi tí àwòrán ti ní mẹ́rin, ó bèèrè ẹni tó pàṣẹ, agbaṣẹ́ṣe dárúkọ mi. Kò sí ìwé, kò sí àwòrán tí wọ́n tún ṣe, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ fi dúró. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni mo hù, mo sì ń sọ ọ́ kí ìwọ má bàa hù ú láti Mẹ́úbọ̀n, níbi tí ọ̀gànjọ́ òru rẹ ti jẹ́ ọ̀sán fún agbaṣẹ́ṣe.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ tí mo ní kó o so mọ́ lẹ́tà yẹn, ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kó o fún ní ojú ewé kan. Kọ nọ́ńbà àwòrán tó kẹ́yìn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí sáìtì, pẹ̀lú àmì àtúnṣe rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa lọ fi ti àtijọ́ kọ́ ilé. Kọ ibi tí wọ́n da kọnkéré dé: fáńdéṣọ̀n ti parí, dẹ́kìn kìíní ti parí, irin dẹ́kìn kejì wà nílẹ̀ àmọ́ mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ ìbéèrè tí agbaṣẹ́ṣe bi ẹ tí o ò tíì dáhùn. Lẹ́yìn náà, jọ lọ sáìtì pẹ̀lú ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ, kó o sọ ọ́ létí àwọn tó wà níbẹ̀, látorí agbaṣẹ́ṣe títí dórí àwọn tó ń di irin, pé láti ọjọ́ 18 lọ, ẹni báyìí ni kí wọ́n máa bi. Tí wọ́n bá wá pè ẹ́ lókè òkun, ìdáhùn rẹ kúrú: "Ẹ pe ọ́fíìsì."

Kúùbù kọnkéré, ìyẹn àwọn ẹyọ tí wọ́n ń mọ láti fi dán agbára kọnkéré wò, ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Ká ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ni wọ́n da dẹ́kìn kejì, tí wọ́n sì mú kúùbù níbẹ̀. Wọ́n á fọ́ ti ọjọ́ 7 ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ìwọ ṣì wà níbẹ̀. Ti ọjọ́ 28 bọ́ sí ọjọ́ 22 oṣù keje, o ti lọ ní ọjọ́ mẹ́rin. Èsì yẹn á dé, á wọ ímeèlì tí wọ́n ti tì pa, ẹnikẹ́ni ò sì ní kà á. Tó bá jẹ́ 25 niútọ̀n lórí mìlímítà onígun mẹ́rin lẹ béèrè lórí àwòrán, tí ti ọjọ́ 7 wá fọ́ ní 13 péré, ìyẹn ti ń ké sí ẹ, torí ó yẹ kó ti tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tẹ́ ẹ béèrè. Kọ ọ́ sójú ewé náà: kúùbù mélòó ló ṣì wà nínú omi, ibi tí wọ́n wà, ọjọ́ tí wọ́n máa fọ́ wọn, àti ímeèlì ẹni tó máa gba èsì dípò rẹ.

Tún wo bóyá orúkọ rẹ wà nínú lẹ́tà àbójútó tí wọ́n fi gba àṣẹ ìkọ́lé lọ́dọ̀ LASPPPA. Nínú lẹ́tà yẹn, ìwọ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN lo ṣèlérí pé wàá bójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé náà. Ìlérí orúkọ rẹ ni, fífi ọ́fíìsì sílẹ̀ kò sì pa á rẹ́. Tí àwọn LASBCA, tó ń bá ìjọba Èkó yẹ ilé wò, bá dé sáìtì, orúkọ tí wọ́n bá nínú fáìlì ni wọ́n máa wá. Bèèrè lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá yín sáré ìwé, kó ṣe àkójọ gbogbo ibi tó ti fi lẹ́tà rẹ sílẹ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ilé rẹ̀ kò tíì parí, kọ lẹ́tà sí onílé àti sí ọ́fíìsì ìjọba pé o ò ní lè bójú tó o mọ́ láti ọjọ́ 18 oṣù keje, pẹ̀lú orúkọ ẹnjiníà tó gbà á. Kí onítọ̀hún kọ lẹ́tà tirẹ̀ pé òun gbà á. Ọ̀gá rẹ lè máa fi falẹ̀, torí ó rọrùn fún un kí orúkọ rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ibí yìí ni kó o ti le díẹ̀.

Láàárín oṣù nótíìsì yẹn náà ni kó o gba lẹ́tà ìrírí tuntun, má ṣe dúró dìgbà tó o bá débẹ̀. O lè máa rò pé èyí tó o fi wá físà ti tó. Kò tó. Ní Fikitóríà, òfin ọdún 2019 wà tó ní ẹnjiníà ilé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó lè dá ṣiṣẹ́, tí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́ àbójútó ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ ló ti máa ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Kuínsílándì náà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ti ọdún 2002 ni wọ́n ń lò báyìí. Ìrírí iṣẹ́ rẹ ni wọ́n á fẹ́ rí nígbà tó o bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà tó kàn sọ pé "ó bá wa ṣiṣẹ́, ọmọ dáadáa ni" kò sì wúlò fún wọn. Mú ìwé, kọ ọ́ fúnra rẹ, kí ọ̀gá wá yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i: ọjọ́ tó o wọlé àti ọjọ́ tó o jáde, ipò tó o dì mú, ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún pẹ̀lú iye àjà wọn, ohun tí ìwọ gan-an ṣe lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó yẹ ìṣirò rẹ wò, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè fi bá ẹni tó fọwọ́ sí i sọ̀rọ̀. "Mo ṣírò fáńdéṣọ̀n àti òpó ilé alájà mẹ́fà" ni wọ́n fẹ́ kà. "Mo wà lára àwọn tó ṣe é" kò sọ nǹkan kan fún wọn.

Má tìtorí ìyẹn da gbogbo àwòrán ọ́fíìsì sórí fúláàṣì lọ́jọ́ tó o máa lọ. Wọ́n ń rí i lórí kọ̀ǹpútà wọn, ìyẹn nìkan sì lè sọ ìdágbére tó tutù di ẹjọ́. Tó o bá fẹ́ àwòrán kan tàbí méjì tí wàá máa fi hàn, bèèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀.

Gba lẹ́tà pé wọ́n ti gba ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ pẹ̀lú. Àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ máa béèrè rẹ̀. Òfin ọdún 2014 ní ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tó sì lo oṣù mẹ́rin láìrí iṣẹ́ mìíràn, lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà níbẹ̀. Tó o bá tètè ríṣẹ́ ní Mẹ́úbọ̀n, kì í ṣe owó tó o lè gbójú lé nìyẹn. Ó máa wà níbẹ̀ dè ẹ́.

Lọ́jọ́ 18 oṣù keje, wọ́n á fún ẹ ní ìwé kan pé kó o kó gbogbo ohun ìní ọ́fíìsì kalẹ̀, kó o sì fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà, tiwọn ni. Ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n rà, tiwọn ni. Èdìdì àti òǹtẹ̀ COREN tó wà nínú dúróà tábìlì rẹ, orúkọ rẹ àti nọ́ńbà rẹ ló wà lára rẹ̀, tìrẹ ni, kódà kó jẹ́ ọ́fíìsì ló sanwó rẹ̀. Akọ̀wé lè ní kó o fi í sílẹ̀ kí wọ́n lè fi parí àwòrán méjì tó kù. Fi í sínú báàgì rẹ kó o tó jókòó fọwọ́ sí ìwé.